Ta Ló Máa Fọwọ́ Sí I? Bí A Ṣe Ń Kọ Orí Líìfù Nínú Ìwé Ìlànà Òṣìṣẹ́

Nínú ọ̀pọ̀ ìwé ìlànà tí àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni wa ń fún òṣìṣẹ́, gbólóhùn kan ṣoṣo ló máa ń wà lórí ọ̀rọ̀ líìfù: "Òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀tọ́ sí ìsinmi ọjọ́ 12 lọ́dún, bí ọ̀gá bá fọwọ́ sí i." Ẹni tó kọ ọ́ á rò pé òun ti parí iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ tún un kà. Ọjọ́ 12 wo? Ṣé Ọjọ́ Àìkú wà nínú rẹ̀? Ọdún wo ni wọ́n ń sọ, ṣé èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní Oṣù Kìíní ni, àbí èyí tó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n gba òṣìṣẹ́ náà síṣẹ́? Ọ̀gá wo nínú ọ̀gá mẹ́ta tó wà níbẹ̀? Bí ọ̀gá náà bá gba ìwé tí kò sì dáhùn títí ọjọ́ fi pé ńkọ́? Inú àwọn ìbéèrè wọ̀nyí ni ìjà líìfù ti máa ń jáde. Ó ṣọ̀wọ́n kí ó jẹ́ lórí iye ọjọ́.

Èrò mi ni pé apá tó le jù nínú orí yìí ni ọ̀nà tí ìwé ìbéèrè ń gbà, láti ọwọ́ òṣìṣẹ́ dé ọwọ́ ẹni tó ní àṣẹ, àti bí ìdáhùn ṣe ń padà dé. Ẹ jẹ́ ká fi ilé iṣẹ́ búrẹ́dì kan ní Ìbàdàn ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ gbà pé òṣìṣẹ́ 22 ló wà níbẹ̀: àwọn tó ń po ìyẹ̀fun, àwọn tó wà nídìí ààrò, àwọn awakọ̀ tó ń pín búrẹ́dì káàkiri ìgboro, àwọn tó ń tajà ní ṣọ́ọ̀bù iwájú, alábòójútó mẹ́ta, akọ̀wé owó kan tó tún ń tọ́jú fáìlì òṣìṣẹ́, máníjà kan, àti ẹni tó ni ilé iṣẹ́ náà. Ọjọ́ Ajé sí Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni wọ́n ń ṣiṣẹ́. Máníjà ló fẹ́ kọ orí líìfù.

Kí ó tó kọ ohunkóhun, ó gbọ́dọ̀ mọ ibi tí òfin fi ìpìlẹ̀ sí, torí ìwé ilé iṣẹ́ lè ju òfin lọ, kò gbọ́dọ̀ rẹlẹ̀ sí i. Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà, tí ìjọba ológun gbé jáde ní 1974, ṣì ni ó ń darí ọ̀rọ̀ yìí. Abala 18 rẹ̀ sọ pé òṣìṣẹ́ tó bá ti ṣiṣẹ́ oṣù 12 léraléra ní ẹ̀tọ́ sí ìsinmi ọjọ́ iṣẹ́ 6, ó kéré tán, pẹ̀lú owó rẹ̀ ní kíkún. Bí òṣìṣẹ́ náà kò bá tíì pé ọmọ ọdún 16, tó fi mọ́ ọmọṣẹ́ tó ń kọ́ṣẹ́, ọjọ́ iṣẹ́ 12 ni. Nígbà tí òfin yìí sọ pé "òṣìṣẹ́", ẹni tó ń fi agbára ọwọ́ ṣiṣẹ́ tàbí tó ń ṣe iṣẹ́ akọ̀wé ló ní lọ́kàn. Máníjà àti àwọn mìíràn tó ń ṣe iṣẹ́ ìdarí kò sí lábẹ́ rẹ̀. Ohun tó wà nínú àdéhùn iṣẹ́ wọn àti nínú ìwé ìlànà yìí gan-an ni wọ́n máa rí dì mú. Máníjà tó ń kọ orí yìí ń kọ ẹ̀tọ́ ara tirẹ̀ náà nìyẹn, kí ó sì dárúkọ ipò tirẹ̀ níbẹ̀ kedere.

Ilé iṣẹ́ búrẹ́dì wa pinnu láti fún gbogbo òṣìṣẹ́ ní ọjọ́ iṣẹ́ 12. Ó dára, ó ju ti òfin lọ. Ọ̀rọ̀ tó kàn ni bí a ó ṣe máa kà á, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ kí òǹkọ̀wé fara balẹ̀ sí.

Kí ó kọ pé ọjọ́ iṣẹ́ ni ọjọ́ tí ilé iṣẹ́ máa ń ṣí, Ọjọ́ Ajé sí Ọjọ́ Àbámẹ́ta, àti pé Ọjọ́ Àìkú àti ọjọ́ tí ìjọba bá kéde fún ìsinmi kò sí nínú iye náà. Kí ó wá fi àpẹẹrẹ kan sínú ìwé náà, torí àpẹẹrẹ ló máa ń yanjú ohun tí ìtumọ̀ kò lè yanjú. Awakọ̀ kan fẹ́ lo ọjọ́ 12 rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti Ọjọ́ Ajé, 28 Oṣù Kẹsàn-án 2026. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ yẹn ní ọjọ́ 6 lójú, ṣùgbọ́n Ọjọ́bọ̀ ibẹ̀ ni 1 Oṣù Kẹwàá, àjọ̀dún òmìnira. Ọjọ́ 5 péré ni ó lò lọ́sẹ̀ náà. Láti 5 sí 10 Oṣù Kẹwàá, ó lo ọjọ́ 6, ó di 11. Ọjọ́ Ajé, 12 Oṣù Kẹwàá, ni ọjọ́ kejìlá. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 13, ni ó máa padà sẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tí kò rí irú ìṣirò yìí nínú ìwé á rò pé Ọjọ́ Ajé ni awakọ̀ yẹ kó dé, wọn a sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó pa iṣẹ́ jẹ.

Ọ̀rọ̀ ìsinmi tí ìjọba ń kéde yìí ní ibi kọ́lọ́fín kan lọ́dọ̀ wa. Ìjọba àpapọ̀ máa ń kéde tirẹ̀, àwọn ìpínlẹ̀ náà sì ní tiwọn. Ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe, 20 Oṣù Kẹjọ, jẹ́ ọjọ́ ìsinmi ní Ọ̀ṣun àti Ọ̀yọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo orílẹ̀-èdè ló ń ṣe é. Ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀ àti Iléyá ń tẹ̀lé oṣù ojú ọ̀run, nítorí náà ìkéde lè yí padà nígbà tí ọjọ́ bá ti sún mọ́. Ìwé gbọ́dọ̀ sọ bóyá ilé iṣẹ́ ń tẹ̀lé ìsinmi ìpínlẹ̀, kí ó sì sọ pé bí ìkéde bá bá òṣìṣẹ́ lórí líìfù, ọjọ́ náà á padà sínú iye tó kù fún un. Gbólóhùn kan péré nìyẹn, ó sì ń dáàbò bo ẹni tó ti kúrò nílé iṣẹ́ kí ìkéde tó jáde.

Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún náà ní ọ̀fìn tirẹ̀. Àwọn kan máa ń kọ pé: "Òṣìṣẹ́ tó bá ti lo ọdún kan gbáko, Oṣù Kìíní sí Oṣù Kejìlá, ló lè gba líìfù." Ó dùn-ún gbọ́ létí akọ̀wé, torí ó rọrùn láti ṣírò. Ṣùgbọ́n ẹ fi ẹni tí wọ́n gbà ní 1 Oṣù Kejì 2025 sínú rẹ̀. Ọdún gbáko àkọ́kọ́ tirẹ̀ kò ní parí títí di 31 Oṣù Kejìlá 2026. Oṣù 23 ni ó máa fi ṣiṣẹ́ láìsinmi, nígbà tí òfin ti fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀ lẹ́yìn oṣù 12. Ìlànà bẹ́ẹ̀ ti lòdì sí òfin. Bí ilé iṣẹ́ bá fẹ́ lo Oṣù Kìíní sí Oṣù Kejìlá, kí ó máa ka ọjọ́ kan fún oṣù kan. Ẹni tó dé ní 1 Oṣù Kẹsàn-án ti ní ọjọ́ 4 nígbà tí ọdún bá parí, ọjọ́ náà á wọ inú ọdún tó ń bọ̀, nígbà tó bá sì máa pé oṣù 12, ọjọ́ 12 rẹ̀ ti pé. Kí ìwé náà sì sọ pé oṣù ìdánwò wà lára iṣẹ́. Láti ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ ti wọlé ni à ń ka oṣù rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n fún un ní lẹ́tà pé ó ti di òṣìṣẹ́ gidi kọ́ ni ìbẹ̀rẹ̀.

Ní báyìí, ìwé ìbéèrè.

Fọ́ọ̀mù ojú ewé kan tó. Orúkọ àti ẹ̀ka iṣẹ́, irú líìfù, ọjọ́ àkọ́kọ́ líìfù, ọjọ́ tó kẹ́yìn, ọjọ́ ìpadà sẹ́nu iṣẹ́, iye ọjọ́ iṣẹ́, nọ́ńbà fóònù tí wọ́n lè fi rí i, orúkọ ẹni tó máa dúró sí ipò rẹ̀, àti àyè fún ìbuwọ́lù. Mo ya ọjọ́ tó kẹ́yìn àti ọjọ́ ìpadà sọ́tọ̀ torí pé bí a bá bi òṣìṣẹ́ pé "títí di ìgbà wo?", àwọn kan á kọ ọjọ́ tí líìfù parí, àwọn kan á kọ ọjọ́ tí wọ́n ń wọlé, èdè-àìyedè á sì ṣẹlẹ̀ lórí ọjọ́ kan.

Ìwé á sọ ìgbà tí fọ́ọ̀mù gbọ́dọ̀ wọlé. Fún ilé iṣẹ́ búrẹ́dì wa, mo fara mọ́ ọjọ́ iṣẹ́ 15 kí líìfù tó bẹ̀rẹ̀, bí ó bá ju ọjọ́ 3 lọ, àti ọjọ́ iṣẹ́ 3 fún èyí tó kúrú. Àkókò yìí kì í ṣe fún àṣà lásán. Awakọ̀ mìíràn gbọ́dọ̀ mọ ojú ọ̀nà àti àwọn oníbàárà tí wọ́n ń já búrẹ́dì fún, ìyẹn kì í ṣe ohun tí wọ́n ń kọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan.

Awakọ̀ wa mú fọ́ọ̀mù wá ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1 Oṣù Kẹsàn-án. Ọwọ́ akọ̀wé ni ó kọ́kọ́ lọ. Èyí yàtọ̀ sí bí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ṣe ń ṣe é, tí wọ́n ń gbé e tọ ọ̀gá lọ ná, tí akọ̀wé á wá sọ lẹ́yìn ìbuwọ́lù pé ọjọ́ 7 péré ló kù fún un. Nígbà yẹn, ọ̀gá ti ṣèlérí, òṣìṣẹ́ ti san owó ọkọ̀, ojú gbogbo wọn á sì tì. Akọ̀wé ní ọjọ́ iṣẹ́ kan láti kọ iye tó kù sórí fọ́ọ̀mù. Akọ̀wé kò ní agbára láti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Òtítọ́ inú ìwé ìṣirò nìkan ló ń kọ.

Lẹ́yìn rẹ̀, ó kan alábòójútó àwọn awakọ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni tirẹ̀: ṣé iṣẹ́ á lọ bí ẹni yìí kò bá sí? Òun ló mọ̀ bóyá awakọ̀ mìíràn ti gba ọ̀sẹ̀ kan náà, òun ló sì máa ṣètò ẹni tó máa dúró. Ó ní ọjọ́ iṣẹ́ 2, ìyẹn títí di Ọjọ́ Ẹtì, 4. Ó lè dámọ̀ràn pé kí wọ́n fún un, tàbí kí wọ́n sún un síwájú, pẹ̀lú ìdí. Àṣẹ ìkẹyìn wà lọ́wọ́ máníjà, tí òun náà ní ọjọ́ iṣẹ́ 2, títí di Ọjọ́ Ajé, 7. Lápapọ̀, ọjọ́ iṣẹ́ 5 ni láti ìgbà tí fọ́ọ̀mù wọlé dé ìgbà tí ìdáhùn jáde, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sì ṣì wà kí líìfù tó bẹ̀rẹ̀. Ìdáhùn gbọ́dọ̀ wà lórí ìwé. Ẹ̀dà kan fún òṣìṣẹ́, ẹ̀dà kan fún fáìlì. Kí ìwé náà sọ ọ́ ní gbangba pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ kúrò nílé iṣẹ́ lórí "mo ti sọ fún ọ̀gá".

Ipò ni kí ẹ kọ, ẹ má kọ orúkọ. Bí ẹ bá kọ orúkọ ènìyàn, lọ́jọ́ tí onítọ̀hún bá fi iṣẹ́ sílẹ̀, orí náà ti kú. Kí ẹ sì kọ igbákejì sí ipò kọ̀ọ̀kan: bí máníjà kò bá sí nílé, ta ló ń buwọ́ lù ú? Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí líìfù ara rẹ̀. Ti òṣìṣẹ́ ń lọ sọ́dọ̀ máníjà nípasẹ̀ alábòójútó, ti alábòójútó ń lọ tààrà sọ́dọ̀ máníjà, ti máníjà ń lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ni ilé iṣẹ́. Àti ti akọ̀wé owó? Òun ló ń ka ọjọ́ fún gbogbo ènìyàn, nítorí náà ẹlòmíràn ló gbọ́dọ̀ ka tirẹ̀. Bí ọmọ tàbí àbúrò ẹni tó ni ilé iṣẹ́ bá ń gba owó oṣù níbẹ̀, fọ́ọ̀mù kan náà ni kí ó kọ. Mo mọ̀ pé gbólóhùn yìí nira láti fi síwájú ẹni tó ń sanwó fúnni. Síbẹ̀, ibi tí wọ́n bá ti yọ mọ̀lẹ́bí kúrò nínú ìlànà, àwọn yòókù kì í bọ̀wọ̀ fún ìlànà náà mọ́.

Bí ìdáhùn kò bá jáde láàárín ọjọ́ 5 ńkọ́? Àwọn ìwé kan sọ pé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ túmọ̀ sí bẹ́ẹ̀ ni. N kò fara mọ́ ọn fún iṣẹ́ tí ààrò rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbóná ní ìdájí, torí ó lè ṣẹlẹ̀ pé ẹni méjì tó mọ̀ nípa ààrò bá jọ lọ nítorí ìwé kan tó sọnù sórí tábìlì. Àwọn mìíràn sọ pé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ túmọ̀ sí bẹ́ẹ̀ kọ́, èyí burú ju ti àkọ́kọ́ lọ, torí ó ń fún ọ̀gá ní agbára láti kọ̀ láìsọ ìdí. Ohun tó dára ni pé kí ìbéèrè náà gòkè fúnra rẹ̀: bí ọjọ́ alábòójútó bá pé láìdáhùn, akọ̀wé á gbé e fún máníjà, bí ti máníjà bá pé, á gbé e fún ẹni tó ni ilé iṣẹ́. Òṣìṣẹ́ kò ní láti máa lọ bẹ ẹnikẹ́ni.

Kíkọ̀ náà ní òfin tirẹ̀. Ilé iṣẹ́ lè sọ pé ọ̀sẹ̀ yẹn kò rọrùn. Ní Oṣù Kejìlá, nígbà tí ìpè fún búrẹ́dì bá pọ̀, ó lè pa líìfù rẹ́ pátápátá fún àwọn tó wà nídìí ààrò, ṣùgbọ́n kí ó kọ ọjọ́ náà sínú ìwé ṣáájú. Bí máníjà bá kọ̀, kí ó kọ ìdí rẹ̀, kí ó sì kọ ọjọ́ mìíràn tí ó lè fún un, sórí fọ́ọ̀mù kan náà. Òfin gbà kí agbanisíṣẹ́ àti òṣìṣẹ́ jọ fẹnu kò láti sún ìsinmi síwájú, bí kò bá ti mú kí oṣù tí òṣìṣẹ́ fi ń ṣiṣẹ́ fún ìsinmi kan ju 24 lọ. Ẹ kíyè sí i pé àdéhùn àwọn méjèèjì ni òfin sọ. Nítorí náà, ìlànà tó sọ pé "líìfù tí a kò lò títí di 31 Oṣù Kejìlá ti ṣòfò" kò tọ́ fún ẹni tó béèrè tí ilé iṣẹ́ sì kọ̀ fún un. Kí ìwé sọ pé ọjọ́ tí ilé iṣẹ́ bá fà sẹ́yìn á wọ ọdún tó ń bọ̀, kí ó sì yan oṣù tí wọ́n gbọ́dọ̀ ti lò ó tán.

Ohun kan wà tí mo rí níbi púpọ̀ tó yẹ kó dópin: kí ọ̀gá sọ fún òṣìṣẹ́ pé, "Má lọ líìfù, a ó fún ọ lówó rẹ̀." Ó dà bí àánú, òṣìṣẹ́ náà sì máa ń gbà á torí owó kò tó. Òfin Iṣẹ́ sọ pé kò bófin mu láti san owó dípò ìsinmi fún ẹni tí àdéhùn iṣẹ́ rẹ̀ ṣì ń lọ. Ẹni tó ń kúrò níbi iṣẹ́ nìkan ni wọ́n lè ṣírò rẹ̀ sí owó fún. Ẹ ṣe àpẹẹrẹ pẹ̀lú ẹni tó ń po ìyẹ̀fun, tó ń gba ₦104,000 lóṣù. Bí ìwé bá sọ pé ọjọ́ iṣẹ́ 26 ni oṣù kan, owó ọjọ́ kan rẹ̀ jẹ́ ₦4,000, ti ọ̀sẹ̀ kan ₦24,000. Ó lọ lẹ́yìn oṣù 9 láìtíì lo ọjọ́ kankan. Ohun tó kéré jù tí òfin fún un ni ìdá oṣù 9 nínú oṣù 12 ti owó ọ̀sẹ̀ kan, ìyẹn ₦18,000. Níwọ̀n bí ìwé ilé iṣẹ́ yìí ti sọ pé ọjọ́ 12 ni lọ́dún, ọjọ́ 9 ni tirẹ̀, owó rẹ̀ sì di ₦36,000. Bí ìwé kò bá sọ bí wọ́n ṣe ń rí owó ọjọ́ kan, ẹnìkan á fi oṣù pín sí 30, ẹlòmíràn á pín in sí 22, nọ́ńbà mẹ́ta ni wọ́n á sì gbé wá sórí tábìlì. Owó líìfù, èyí tí àwọn kan ń fún òṣìṣẹ́ lé owó oṣù, kò sí nínú òfin yìí. Bí ẹ bá fẹ́ fún wọn, ẹ kọ iye àti oṣù tí ẹ máa san án. Bí ẹ kò bá ní fún wọn, ẹ kọ ìyẹn náà.

Àìsàn kì í fún ènìyàn ní ọjọ́ 15. Nítorí náà, ìlànà ìbéèrè rẹ̀ gbọ́dọ̀ yàtọ̀: kí òṣìṣẹ́ tàbí ẹni tó wà pẹ̀lú rẹ̀ pe alábòójútó kí ṣíìfù tó bẹ̀rẹ̀, ìpè tàbí àtẹ̀jíṣẹ́ ti tó, fọ́ọ̀mù á tẹ̀lé e nígbà tó bá padà. Abala 16 òfin náà fún òṣìṣẹ́ ní owó iṣẹ́ rẹ̀ fún ọjọ́ iṣẹ́ tí kò ju 12 lọ nínú ọdún kan fún àìsàn tí dókítà tó forúkọ sílẹ̀ jẹ́rìí sí. Ìwé ẹ̀rí onígbèéjẹ́ tàbí rìsíìtì ilé ìtajà oògùn kò tó lójú òfin, kí ìwé ìlànà sì sọ bẹ́ẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fara gbá a. Àmọ́ èmi kò ní béèrè ìwé dókítà fún ọjọ́ kan péré, torí owó dókítà lè ju owó iṣẹ́ ọjọ́ náà lọ. Ìjàǹbá tó bá ṣẹlẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, bí ẹni tí ààrò jó lọ́wọ́, ní òfin tirẹ̀ lọ́tọ̀, èyí tí wọ́n ṣe ní 2010. Ẹ má ṣe yọ ọjọ́ rẹ̀ kúrò nínú 12 yìí.

Ní ti ìbímọ, abala 54 kò fi àyè sílẹ̀ fún ìdúnàádúrà. Obìnrin kò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ 6 lẹ́yìn ìbímọ, bí òun fúnra rẹ̀ tilẹ̀ ní òun fẹ́ padà. Bí dókítà bá kọ ọ́ pé ó ṣeé ṣe kí ó bímọ láàárín ọ̀sẹ̀ 6, ó lè kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Bí ó bá ti ṣiṣẹ́ oṣù 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ léraléra, owó rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dín sí ìdajì. Nígbà tó bá padà, tó sì ń fún ọmọ lọ́mú, ó ní ìdajì wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ nínú àkókò iṣẹ́. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nínú àwọn ìwé ni gbólóhùn tó sọ pé ẹni tí kò tíì lo ọdún méjì kò ní líìfù ìbímọ. Owó nìkan ni òfin so mọ́ oṣù 6. Ẹ̀tọ́ láti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ kò so mọ́ iye oṣù kankan. Níbi líìfù yìí, máníjà kò ní àṣẹ láti kọ̀. Ìbuwọ́lù rẹ̀ kàn ń jẹ́rìí pé ó ti rí ìwé ni, ó sì yẹ kí ìwé ìlànà sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ kí ó má baà rò pé ojú rere ni òun ń ṣe.

Ọ̀kan wà tí Òfin Iṣẹ́ kò sọ ohunkóhun nípa rẹ̀, tó sì gba àròjinlẹ̀ jù lọ lọ́dọ̀ wa: ọ̀fọ̀. Ìwé tí wọ́n bá kọ́pì láti ilẹ̀ òkèèrè á sọ pé ọjọ́ 3 láti ọjọ́ ikú. Ẹ wo bí ìyẹn ṣe rí nílé iṣẹ́ búrẹ́dì wa. Òṣìṣẹ́ kan jẹ́ Mùsùlùmí, baba rẹ̀ kú lówùúrọ̀, wọ́n sin ín kí ilẹ̀ tó ṣú, àdúrà ọjọ́ kẹjọ sì ń bọ̀. Òṣìṣẹ́ kejì jẹ́ Onígbàgbọ́, ìyá rẹ̀ kú ní Oṣù Kẹta, òkú wà ní mọ́ṣúárì, ìsìnkú di Oṣù Karùn-ún nígbà tí àwọn ọmọ tó wà lókè òkun bá lè wálé. Ọjọ́ 3 láti ọjọ́ ikú kò wúlò fún èkejì, kò sì tó fún èkíní láti ṣe ọjọ́ kẹjọ. Mo dámọ̀ràn kí wọ́n fún wọn ní ọjọ́ iṣẹ́ 5, kí òṣìṣẹ́ lè pín in sí ọ̀nà méjì láàárín oṣù 6 lẹ́yìn ikú náà.

Lẹ́yìn èyí ni ìbéèrè nípa ta ni ẹbí. Òbí, ọkọ, aya, ọmọ, kò sí àríyànjiyàn. Àna ńkọ́? Ẹ̀gbọ́n tó tọ́ ènìyàn dàgbà, tó sanwó ilé ìwé rẹ̀? Bí ìwé bá kọ "mọ̀lẹ́bí" lásán, àwọn òkú kò ní tán lọ́dún. Bí ó bá kọ òbí tó bíni nìkan, yóò ṣẹ àwọn tí ẹlòmíràn wò dàgbà. Ọ̀nà tí mo rò pé ó tọ́ ni pé kí òṣìṣẹ́ kọ orúkọ ẹni kan sílẹ̀ lọ́jọ́ tó wọṣẹ́, ẹni tó tọ́ ọ gẹ́gẹ́ bí òbí, kí ó wà nínú fáìlì. Fún opó, pàápàá Mùsùlùmí tí ọjọ́ opó rẹ̀ jẹ́ oṣù 4 àti ọjọ́ 10, ilé iṣẹ́ kékeré lè má lágbára láti san gbogbo owó àkókò náà, ṣùgbọ́n ìwé lè jẹ́ kí ó lo líìfù ọdún rẹ̀ pọ̀ mọ́ ti ọ̀fọ̀, kí ó sì gba ìyókù láìgbowó, kí iṣẹ́ rẹ̀ má sì bọ́.

Ìpadàpè náà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Bí ààrò bá bàjẹ́, tí ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe sì wà lórí líìfù, ta ló lè pè é? Máníjà nìkan, lórí ìwé tàbí àtẹ̀jíṣẹ́, ilé iṣẹ́ á san owó ọkọ̀ rẹ̀ lọ àti bọ̀, ọjọ́ tó fi ṣiṣẹ́ á sì padà sínú iye tó kù fún un.

Nígbà tí máníjà bá kọ orí yìí tán, kí ó tó tẹ̀ ẹ́, kí ó pe awakọ̀ kan, ẹni tó wà nídìí ààrò kan àti ẹni tó ń tajà kan. Kí ó fún wọn ní fọ́ọ̀mù àti orí náà, kí ó ní kí wọ́n béèrè líìfù ọ̀sẹ̀ méjì tó kọjá àjọ̀dún òmìnira. Bí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá kọ ọjọ́ ìpadà kan náà, tí wọ́n sì mọ ẹni tí wọ́n máa gbé e fún, orí náà ti tó lò. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ibi tí wọ́n ti yapa ni kó tún kọ. Ẹni tí kò ka Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, ẹ ka á sí i létí ní Yorùbá kí ó tó buwọ́ lù ú.

Òfin sọ pé láàárín oṣù 3 tí òṣìṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ fún un ní ìwé tó sọ àdéhùn iṣẹ́ rẹ̀, tó fi mọ́ ìsinmi, owó ìsinmi àti ọ̀rọ̀ àìsàn. Bí ìyípadà bá dé bá a, kí wọ́n sọ fún un lórí ìwé láàárín oṣù kan. Ẹ̀yin tí ẹ ní òṣìṣẹ́, bí oṣù 3 bá ti kọjá tí ìwé yìí kò sí lọ́wọ́ wọn, ẹ ti jẹ wọ́n ní gbèsè rẹ̀. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́, ẹ béèrè rẹ̀, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà fọ́ọ̀mù líìfù tí wọ́n bá buwọ́ lù fún yín.